Ẹ̀rọ Gáígà ń ké lórí àpò eérú kòkó ìyá mi

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú, èèpo kòkó ni wọ́n ń sun fún eérú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá fún Ojúde Ọba mú ẹ̀rọ Gáígà wálé, èyí tó ń ka ìtànṣán rédíéṣọ̀n. Nínú pálọ̀ ó ka 24 CPM, ìyẹn iye ìgbà tó ké ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí a gbé e lé àpò eérú ó di 39. Ṣé wọ́n ti da nǹkan burúkú sí oko ni? Ṣé kí màmá da eérú náà nù? Láti ọjọ́ Ẹtì ni wọn ò ti fọwọ́ kan iṣẹ́.

Dẹ́pọ̀ Ṣàgámù

Má jẹ́ kí màmá fọwọ́ kàn án mọ́. Igi kòkó máa ń fa ohun tó wà nínú ilẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ tí kò ní díẹ̀ nínú yùréníọ̀mù tó ń tan ìtànṣán. Bí ẹ bá jó èèpo òkìtì ńlá kan, tó wá ku eérú àpò kan, gbogbo ohun tó fọ́n ká nínú òkìtì yẹn ti kó jọ sínú àpò kan ṣoṣo, torí iná kì í jó yùréníọ̀mù. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé. Kí ẹ sì bi àwọn tó ń ta èèpo fún wọn léèrè irú oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó wọn.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

Kí a tó dárúkọ yùréníọ̀mù, ọmọ mi, ìṣẹ́jú mélòó lo fi ka ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé ẹ̀rọ náà fara kan eérú, àbí ọ̀rá wà láàárín?

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìṣẹ́jú kan péré ni, sà. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

Ìṣẹ́jú kan kò tó. Ìtànṣán kì í wá ní déédéé bí ìró aago. Ó dà bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù: méjì á já lẹ́ẹ̀kan náà, á dákẹ́, mẹ́ta á tún tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tó ka 24 nísinsìnyí lè ka 19 tàbí 29 ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan kan ò yí padà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ìṣẹ́jú 10 kà á, tó fún ọ ní bíi 240, ìyàtọ̀ lásán yẹn sábà máa ń wà láàárín 15 sókè, 15 sísàlẹ̀. Ibẹ̀ la ti lè sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Mú àwo pẹrẹsẹ kan. To páálí ìṣáná méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè jókòó lé e, kí gíga rẹ̀ má sì yí padà títí tí o fi máa parí. Kọ́kọ́ ka àwo òfìfo fún ìṣẹ́jú 10. Bu eérú sí i kó kún dé etí, kí o tún kà. Lẹ́yìn náà, ki ọmọrí ìkòkò màmá sáàárín eérú àti ẹ̀rọ. Ọmọrí alumíníọ̀mù tó nípọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ ni mò ń wí, kì í ṣe ti páànù fẹ́lẹ́. Kí o kà á lẹ́ẹ̀kẹta, kí o sì kọ iye tí o rí síbí.

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ti ṣe é, sà. Àwo òfìfo: 243. Eérú: 391. Eérú pẹ̀lú ọmọrí: 268. Màmá dúró tì mí, wọ́n ní kí n ṣọ́ra kí n má fọ́ ọmọrí àwọn.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

O ṣeun, ọmọ mi. Ohun kan wà nínú eérú yẹn tó ń tàn lóòótọ́. 148 tó fi lé ti àwo òfìfo pọ̀ ju ohun tí èèṣì lè fà lọ. Ọmọrí sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró. Ìyẹn sọ fún wa pé nínú irú ìtànṣán méjì tí ẹ̀rọ ń gbọ́, bẹ́tà àti gámà, bẹ́tà ló pọ̀ jù, torí alumíníọ̀mù tó nípọn bíi mìlímítà mẹ́ta tó láti dá bẹ́tà irú èyí dúró, bẹ́ẹ̀ gámà ò ka ọmọrí ìkòkò sí. 25 tó kù lábẹ́ ọmọrí, mi ò ní fi í búra, ìyàtọ̀ lásán lè tó bẹ́ẹ̀.

Pọtásíọ̀mù ni mo fura sí. Òun gan-an ló mú kí èèpo kòkó dára fún ọṣẹ ju igi lásán lọ. Nínú mílíọ̀nù ẹyọ pọtásíọ̀mù, bíi 117 jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù-40. Ó máa ń gba nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Ó ti wà nínú ilẹ̀ kí igi kan tó hù láyé. Ibi yòówù kí o ti bá gíráàmù pọtásíọ̀mù kan, ìbáà ṣe nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, nínú ajílẹ̀ tàbí nínú iṣan apá rẹ, bíi 31 nínú ẹyọ rẹ̀ á fọ́, á sì tan ìtànṣán ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Àgbàlagbà tó wọn 70 kìlógíráàmù ní pọtásíọ̀mù bíi 140 gíráàmù lára. Ṣe ìṣirò rẹ̀, wàá rí i pé ó lé ní 4,000 ìfọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ tí onítọ̀hún ti dàgbà títí di ọjọ́ ikú. Eérú èèpo kòkó tí iyẹ̀pẹ̀ ò pọ̀ nínú rẹ̀ lè ní pọtásíọ̀mù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Nínú kìlógíráàmù kan, ìyẹn jẹ́ 300 gíráàmù, ìfọ́ 9,300. Kìlógíráàmù eérú kan sì dà bí àgbàlagbà méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Dẹ́pọ̀ tọ̀nà lórí pé gbòǹgbò ń fà á, iná sì ń kó o jọ. Ohun tí kòkó ń fà jù ló ṣì í mú.

Ìyá Bọ́lá, Ìpẹru

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù. Kíndìnrín ń yọ bàbá Bọ́lá lẹ́nu, dókítà sì ní kí wọ́n má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́, kí n máa bọ iṣu kí n sì da omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Wọ́n ní nítorí pọtásíọ̀mù ni. Ṣé rédíéṣọ̀n ni wọ́n ń sá fún, tí wọn ò sọ fún mi? Ẹ̀ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló máa ń wà nílé wa lójoojúmọ́, àwọn ọmọ náà sì ń jẹ ẹ́.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

Ìyá Bọ́lá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe rédíéṣọ̀n ni dókítà ń sá fún. Bí pọtásíọ̀mù bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń da lílù ọkàn rú, ó sì lè mú kí ọkàn dúró. Bí pọtásíọ̀mù ò bá tilẹ̀ ní ìtànṣán kankan nínú, ewu yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Kíndìnrín tó bá yá máa ń fi ìtọ̀ lé èyí tó bá pọ̀ jù jáde, ti bàbá ò lè ṣe é dáadáa mọ́. Ẹ di ohun tí dókítà sọ mú, omi iṣu yẹn ni kí ẹ máa dà nù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé iyọ̀ tí wọ́n ní kò ní sódíọ̀mù púpọ̀ wá fún bàbá, ẹ fi han dókítà kí ẹ tó bù ú sọ́bẹ̀, torí pọtásíọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò sódíọ̀mù nínú rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, kíndìnrín tó yá yẹn náà ni kì í jẹ́ kí ìtànṣán inú ara pọ̀ sí i nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìwọ̀n pọtásíọ̀mù kan ni ara ń pa mọ́. Ẹni tó jẹ dòdò àwo mẹ́ta lónìí á fi ìtọ̀ dá a padà, ara rẹ̀ á sì padà sí ibi tó wà lánàá.

Dẹ́pọ̀ Ṣàgámù

Tíṣà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yùréníọ̀mù, ìyẹn ohun tó máa ń dà bó bá fọ́, náà ń yọ bẹ́tà. Báwo lọmọrí ìkòkò ṣe mọ̀ pé pọtásíọ̀mù ni? Ohun kejì: pọ́táàṣì làwa ń pe káún lọ́jà. Bó bá rí bí ẹ ṣe wí, káún tí ìyàwó mi fi ń se ewédú yẹ kó máa ké náà.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ọmọrí kò mọ̀ ọ́n. Omi ló mọ̀ ọ́n. Pọtásíọ̀mù inú eérú máa ń bá omi lọ, òun ni ìyá ọlọ́ṣẹ ń sẹ́ jáde. Rédíọ̀mù àti tóríọ̀mù, tí ariwo àwọn ará ilé yùréníọ̀mù pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, kì í fẹ́ bá irú omi bẹ́ẹ̀ lọ. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń kù sí. Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, bẹ màmá kí wọ́n sẹ́ eérú inú àpò yẹn bí wọ́n ṣe máa ń sẹ́ ẹ. Gbẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, kí o kà á. Se omi rẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kí o ka ohun tó kù nídìí ìkòkò. Àwo kan náà, páálí ìṣáná kan náà. Kí àwo máa kún dé etí, torí bẹ́tà tó ń jáde kò ju ti mìlímítà díẹ̀ tó wà lókè lọ, ìjìnlẹ̀ tó kù kò ràn án lọ́wọ́. Ka káún náà kún un.

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọjọ́ méjì ló gbà, ẹ má bínú.

Ìkòkò amọ̀ tí màmá ti lu ìdí rẹ̀ ni wọ́n lò. Wọ́n tẹ́ kànìnkànìn sí ìdí rẹ̀, wọ́n rọ eérú lé e, wọ́n ń da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń kán sísàlẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Màmá ki ìka méjì bọ̀ ọ́, wọ́n fi wọ́n ra ara wọn, ó ń yọ̀ bí ilá. Wọ́n ní èyí ti ọwọ́ àkọ́kọ́ ló lágbára jù. Nígbà tó di ọwọ́ kẹrin, wọ́n ní kò yọ̀ mọ́, pé omi lásán ni. Wọ́n sè é lórí iná igi títí ó fi di èèpá aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń ta yinrin.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó gbẹ, ìṣẹ́jú 10: 262. Èèpá: 480. Káún láti ọjà: 238.

Sà, ìka màmá ló mọ̀ ọ́n kí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

Bẹ́ẹ̀ ni, ìka wọn. Ibi tí ìyọ̀ yẹn wà ni ìtànṣán wà, nígbà tó kúrò nínú eérú, ìtànṣán bá a lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ìwọ̀n àwo òfìfo. Bí yùréníọ̀mù àti ará ilé rẹ̀ ló ń ké, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ìbá máa ké jù.

Káún ò ké torí kì í ṣe ọmọ ìyá eérú. Orúkọ ọjà ló pa wọ́n pọ̀. Inú ilẹ̀ adágún tó gbẹ ní agbègbè Ṣáàdì ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú káún, sódíọ̀mù ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Sódíọ̀mù inú ilẹ̀ kò ní irú tó ń tan ìtànṣán bíi ti pọtásíọ̀mù.

Ibi tí ìdánwò yìí mọ nìyí: ohun kan wà tí omi kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára pọtásíọ̀mù. Síṣíọ̀mù-137 tó jáde nínú ìdánwò bọ́ǹbù àti jàǹbá Ṣẹ̀nóbíìlì ọdún 1986 máa ń bá omi lọ bákan náà, torí ìdílé kan ni wọ́n. Mi ò retí rẹ̀ nínú kòkó Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ọwọ́ lè gbọ́, ṣùgbọ́n àwo àti ọmọrí kò lè fi ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn. Láàbù tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn agbára gámà ló lè ṣe é: ti pọtásíọ̀mù máa ń wà ní 1461 keV, ti síṣíọ̀mù ní 662 keV. Wọn kì í ṣi ara wọn mú.

Dẹ́pọ̀ Ṣàgámù

Mo gbà lórí yùréníọ̀mù. Lórí síṣíọ̀mù, èmi á ṣì fẹ́ kí wọ́n gbé ṣíbí kan lọ sí láàbù. Iṣẹ́ tí ìyá ẹni ń fọwọ́ ṣe lójoojúmọ́ ni.

Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́ṣẹ

Èmi ni mo mú ẹ̀rọ náà wálé. Kí n fi tèmi kún un, torí èmi ni mo kó ẹ̀rù bá màmá. Mo tan ẹ̀rọ náà nínú bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí a gòkè tán lórí ilẹ̀ Faransé, ó ń ka bíi 380 CPM. Lórí aṣálẹ̀ ó ti ń wálẹ̀, nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ sí Èkó ó ń ka bíi 210, bẹ́ẹ̀ a ò tíì kúrò lókè. Nígbà tí a balẹ̀, 20. Mo rò pé ẹ̀rọ ń ṣe ségesège ni. Nígbà tó wá ké lórí eérú, mo ní ohun tó jọ ti bàálù ni.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀rọ yín ò ṣe ségesège. Ìtànṣán tó ń bọ̀ láti òde sánmà ni ẹ rí. Ní ọdún 1912 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Fítọ̀ Hẹ́ẹ̀sì, gun báálúùnù lọ sókè ju 5,000 mítà lọ, tó bá a pé bí òun ti ń gòkè ni ìtànṣán ń pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ tó nípọn lórí wa ló ń dí i. Bàálù ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ náà sísàlẹ̀. Ó sì dínkù bí ẹ ti ń sún mọ́ ilé torí agbára òòfà ilẹ̀ ayé máa ń darí púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò ní agbègbè wa tó sún mọ́ àárín ayé, ju ti ìhà Yúróòpù lọ.

Ẹ wá fi wé ti màmá. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ nínú bàálù yẹn fún yín ní bíi 20 µSv, ìyẹn ìwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà. Bẹ́tà inú eérú kì í jìnnà, ọ̀rá, aṣọ àti afẹ́fẹ́ mítà díẹ̀ máa ń tán agbára rẹ̀. Gámà rẹ̀ nìkan ló ń wọ inú ara ẹni tó jókòó lọ. Mo ṣírò rẹ̀ fún àpò 50 kìlógíráàmù tó wà ní mítà kan sí èèyàn: kò ju bíi 0.01 µSv/h lọ. Kí màmá tó gba ìwọ̀n tí ẹ gbà nínú ìrìn àjò kan, wọ́n á jókòó ti àpò yẹn fún 2,000 wákàtí. Ẹ má sì gba iye µSv/h tí ẹ̀rọ bá kọ nígbà tó wà lórí eérú gbọ́. Gámà ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n rẹ̀, ó ń ka bẹ́tà bí ẹni pé gámà ni, iye tó ń kọ sì máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ní iwájú ìkòkò màmá ni omi pupa yẹn fúnra rẹ̀. Ìyọ̀ tí ìka wọn ń gbọ́, àwọ̀ ara wọn ló ń di ọṣẹ. Bí ẹ̀kán kan bá ta sójú, ó lè fọ́ ojú náà. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ojú fún wọn, kí wọ́n sì máa fi aṣọ bo imú nígbà tí wọ́n bá ń ku eérú.

Rónkẹ́ Àgọ́-Ìwòyè

Tíṣà, aládùúgbò ni wá. Orí àpáta ni wọ́n kọ́ ilé wa sí, ẹ̀yìn yàrá mi gan-an ni ó ti yọrí. Àǹtí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ń gbé lórí ilẹ̀ pupa. Ṣé ìtànṣán ilé wa á ju tiwọn lọ?

Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́ṣẹ

Mo ka méjèèjì kí n tó padà. Iyanrìn ilẹ̀ pupa ní Ìjẹ̀bú-Òde, 19 CPM. Àpáta kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, 41. Ìṣẹ́jú 10 ni mo fi ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ti kọ́gbọ́n.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

Ó bá ilẹ̀ mu. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí ìsàlẹ̀, iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó wá ló tẹ́ sórí. Ìhà tiwa jẹ́ àpáta àtijọ́, pọtásíọ̀mù, tóríọ̀mù àti yùréníọ̀mù sì máa ń pọ̀ nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀. Rónkẹ́, iye tí ẹ̀rọ kà lórí àpáta kọ́ ni kó ká ọ lára. Yùréníọ̀mù máa ń di rédíọ̀mù, rédíọ̀mù á di rádọ́ọ̀nù, èyí tó jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gba ibi tí ilẹ̀ ilé bá ti là wọlé. Nínú ìtànṣán àdáyébá tí èèyàn ń gbà lọ́dún káàkiri ayé, bí ìdajì ló ń ti ọ̀dọ̀ rádọ́ọ̀nù wá, pọtásíọ̀mù inú ara ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ Gáígà ò sì lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Ohun kékeré kan ni wọ́n máa ń gbé sínú yàrá fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó kà á. Ṣé o máa ń ṣí fèrèsé?

Rónkẹ́ Àgọ́-Ìwòyè

Lójú ọ̀sán nìkan. Lóru mo máa ń tì í nítorí ẹ̀fọn àti olè. Bọ̀ọ̀họ̀lù wa náà gba inú àpáta kọjá, omi rẹ̀ ńkọ́?

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè

Rádọ́ọ̀nù lè wà nínú omi tó bá ti inú àpáta jáde. Bí ẹ bá fà á sínú táǹkì, tó sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó lò ó, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti fò lọ. Bó ṣe pọ̀ tó nínú tiyín, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nìkan ló lè sọ. Fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kí o lè máa ṣí i lóru pẹ̀lú irin rẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ti ra ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì. Màmá wọ gíláàsì, wọ́n ní ó ń mú ojú àwọn gbóná, ṣùgbọ́n wọn ò bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n Dẹ́pọ̀, mo ti di eérú ṣíbí márùn-ún sínú ọ̀rá fún láàbù, mo ṣì ń wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Màmá ní kí n gbé èèpá inú àwo wá, pé kò sí ìdí tí òun á fi pàdánù rẹ̀. Wọ́n ti fi omi tú u, wọ́n sì ti dà á sínú àdín tó wà lórí iná.